Ọgbọ́n Yíyan Kọ́kọ́rọ́ Nínú Kafka

Nínú Kafka, ètò kọ̀ǹpútà tí LinkedIn gbé síta fún aráyé ní ọdún 2011, ojú ọ̀nà tí ìròyìn ọjà ń gbà kọjá a máa pín sí oríṣiríṣi ìpín. Ìpín kọ̀ọ̀kan ń to ìròyìn rẹ̀ bí ó ṣe dé, ṣùgbọ́n kò sí ìlérí ìtò kankan láàárín ìpín kan àti èkejì. Nítorí náà, iṣẹ́ ọgbọ́n gan-an ni yíyan kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àmì tí ètò náà fi ń mọ ìpín tí ìròyìn yóò wọ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ a máa fi nọ́ńbà ọjà tí oníbàárà rà ṣe kọ́kọ́rọ́, kí ìsanwó àti ìfagilé ọjà kan náà lè wà ní ìpín kan, níbi tí olùkà kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹ́ olùkà, àwọn ètò tó jọ pín iṣẹ́ kíkà, yóò ti kà wọ́n tẹ̀léra.

Ewu ń bẹ nínú fífi ìpín kún ìpín. Bí ìṣirò kọ́kọ́rọ́ kan bá jẹ́ 20, tí ìpín sì jẹ́ 6, èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn pípín ni 2, ibẹ̀ sì ni ìsanwó wọ̀. Bí ìpín bá wá di 8, èyí tó ṣẹ́kù di 4, ìfagilé sì gba ibòmíràn lọ, débi pé olùkà mìíràn lè kà á ṣáájú ìsanwó. Nọ́ńbà ọjà kan náà tó hàn ní ìpín méjì ni ẹ̀rí àṣìṣe yìí. Àwọn tó ṣí ìpín tó pọ̀ tó láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣe é dáadáa jù.