Ìyẹ̀fun, Rólà àti Ààrò

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ilé búrẹ́dì kan kò tíì mọ bí búrẹ́dì ibẹ̀ ṣe rí lẹ́nu. Ojú ló máa fi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Ní ilé búrẹ́dì kan ní Agége, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ wọn ọkùnrin ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí oníbàárà tuntun bá béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn, Ìyá Oníbúrẹ́dì kì í rojọ́. "Ẹ wọlé, ẹ wá wò ó," ló máa ń sọ. Èmi náà wọlé.

Ìdí òṣùwọ̀n ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá já okùn ẹnu àpò ìyẹ̀fun, ó rọ àádọ́ta kílò sínú míkísà. Ó wọn ṣúgà kílò mẹ́fà, bọ́tà kílò méjì, iyọ̀ díẹ̀ lé ní ààbọ̀ kílò, àti yíìsì ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù. Apá kan ló da iyọ̀ sí, apá kejì ló da yíìsì sí, nítorí bí iyọ̀ bá dúró lé yíìsì lórí, ó máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Omi tútù tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ló fi pò ó, lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré. Míkísà àti rólà máa ń mú ìyẹ̀fun gbóná, ooru Èkó sì ń kún un. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, yíìsì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú kí wọ́n tó parí rólà, ìyẹ̀fun náà á sì máa ya.

Ohun tó jáde nínú míkísà kò tíì jọ ohun tí èèyàn lè fi ṣe búrẹ́dì. Ó le, ó rí págunpàgun, ó sì ń já wéréwéré níbi tí wọ́n bá ti fà á. Ìyá bu díẹ̀, ó fún un mọ́ ọwọ́, ó ṣí ọwọ́ rẹ̀: kò sí èyí tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó mi orí sí ọmọ rẹ̀. Irú èyí ni rólà ń fẹ́. Èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ irin.

Rólà yìí ló sọ búrẹ́dì Agége di ohun tó yàtọ̀. Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní ọdún 1913, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní 1921. Òun ló mú ẹ̀rọ yìí wọ iṣẹ́ búrẹ́dì wa. Irin méjì tó gùn, tó sì rí róbótó, dojú kọ ara wọn, wọ́n ń yí, àlàfo díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ọmọ náà gbé ìyẹ̀fun sórí pátákó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ó tètè fa ọwọ́ padà kí irin tó gbà á. Kì í na ìka síwájú rárá. Bó ṣe jáde lódìkejì, ó ká a sí méjì, ó yí i kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di iwájú, ó tún tì í wọlé. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ó fa àlàfo náà sún mọ́ra díẹ̀.

Níbi tí mo dúró sí, mo ń gbọ́ ìró kan, pọ́, pọ́, pọ́. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ìyẹ̀fun ni irin ń fún jáde. Ìdí nìyẹn tí inú búrẹ́dì náà kì í fi í ní ihò ńláńlá. Díẹ̀díẹ̀, ara págunpàgun yẹn parẹ́, ìyẹ̀fun wá ń dán bí ara ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Ọmọ náà gé díẹ̀, ó fà á títí ó fi fẹ́lẹ́, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ là á kọjá, kò sì ya.

"Bàbá, ẹ wò ó."

Bàbá wò ó. "Ó tó. Dá a dúró."

Ìgbà tó yẹ kí rólà dúró ṣòroó mọ̀ ju ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá kọjá ibẹ̀, okun ìyẹ̀fun á tán, á padà máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó lè tún un ṣe mọ́.

Ohun kan wà tí ojú oníbàárà kò lè rí. Àwọn kan máa ń fi pọtásíọ̀mù búrómétì sí ìyẹ̀fun kó lè lágbára, kó sì wú dáadáa láìjẹ́ pé wọ́n ṣe wàhálà púpọ̀. Àjọ NAFDAC ti fòfin dè é, nítorí ó lè ṣokùnfà àrùn jẹjẹrẹ. Kò sí bí a ṣe lè wo búrẹ́dì tàbí tọ́ ọ wò ká fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò inú láàbù nìkan ló lè sọ ọ́. Ìyá kò purọ́ pé ojú lè mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń ṣe ni pé iwájú èèyàn ló ti ń ṣí àpò, tó sì ń wọn gbogbo ohun tó ń lọ sínú míkísà. Sùúrù ìdí rólà àti wákàtí tí búrẹ́dì fi ń wú ló ń fún ìyẹ̀fun wọn ní agbára.

Àpapọ̀ ohun tí wọ́n pò jẹ́ nǹkan bíi kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ìyá ń gé e ní 560 gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Àádọ́jọ búrẹ́dì ni yóò jáde níbẹ̀. Búrẹ́dì 500 gíráàmù ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n ààrò máa ń gba omi lára rẹ̀, ìdí tó fi ń fi kún un nìyẹn. Ẹni tó bá gé e ní 500 kò tíì dé ìdí ààrò tó ti ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Ó ká wọn, ó fún wọn mọ́ra kí afẹ́fẹ́ má bàa há sí àárín, ó tò wọ́n sínú páànù tí wọ́n ti fi òróró pa, ó sì fi aṣọ bò wọ́n.

Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ó fi ìka tẹ ọ̀kan. Ojú ibi tó tẹ̀ ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kún tán. Ó ti yá nìyẹn. Èyí tó bá padà lójú ẹsẹ̀ kò tíì wú tó. Èyí tí kò padà rárá ti wú kọjá, yóò sì wó lulẹ̀ nínú ààrò.

Bàbá ló ni ìdí ààrò. Inú ààrò bíríkì náà gan-an ni wọ́n ti dá igi. Nígbà tí igi di ẹyin iná, ó wọ́ wọn jáde, ó fi àpò tútù nu ilẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró kí ooru tàn ká. Ó wá fọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ síbẹ̀. Ó dúdú lójú ẹsẹ̀. Bàbá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó dúró sí i. Nígbà tó tún fọ́n òmíràn, èyí ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ló gbé pátákó pẹlẹbẹ ọlọ́rùn gígùn, tó fi ń ti àwọn páànù wọlé, ti inú lọ́hùn-ún pátápátá ló kọ́kọ́ tì. Bí wọ́n ṣe jáde, ó yí ọ̀kan dojú dé, ó fi ìka kan ìdí rẹ̀. Ó dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo. Ó jinná.

Wọn kò tíì dì í. Búrẹ́dì tí wọ́n bá fi sínú náílọ́ọ̀nù nígbà tó ṣì gbóná á làágùn, á sì tètè hu. Orí àtẹ onígi ni wọ́n tò ó sí títí ó fi tutù dé àárín, kí wọ́n tó dì í.

Obìnrin kan tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà mú ọ̀kan. Kó tó béèrè ohunkóhun, Ìyá gbé e lé òṣùwọ̀n: 503 gíráàmù. Ó fi ọjọ́ tí wọ́n ṣe é hàn án lára náílọ́ọ̀nù.

"Ìyá, ọjọ́ mélòó ló máa lò?"

"A kò fi oògùn ìpamọ́ sí i, ọmọ mi. Ọjọ́ mẹ́ta, bí ibi tí ẹ tọ́jú ẹ̀ sí bá tutù, mẹ́rin. Bó bá ti ní funfun tàbí àwọ̀ ewé lára, ẹ má gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ jẹ ìyókù. Ẹ dà á nù, ẹ wá ra òmíràn."