Gígùn Ọ̀rọ̀ Kọ́ Ni Ìṣòro: Ìgbéyẹ̀wò Yíyan Àyọkà fún Àpèkọ ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá

Láti ìgbà tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 ti sọ Yorùbá di iṣẹ́ dandan ní ilé-ìwé, àpèkọ kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá nìkan mọ́. Ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ́ àti Ùròbò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nítorí náà, bí a ṣe ń to àyọkà láti orí èyí tó rọrùn dé èyí tó le ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tí a ó pè ní òmùgọ̀ láìjẹ̀bi.

Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí a fi gígùn ọ̀rọ̀ wọn ìṣòro: ọ̀rọ̀ kúkúrú fún kíláàsì kìíní, ọ̀rọ̀ gígùn fún kíláàsì kẹfà. Àṣà yìí kò bá Yorùbá mu. Sílébù mẹ́rin ni *pátápátá* ní, ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ni etí ń gbọ́. Sílébù méjì péré ni *ìbọn* ní, síbẹ̀ ó le jù ú lọ, nítorí ìró kan náà tó parí *ìbọn* ló parí *ìtàn*. Nínú àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, *ọn* ni a ń kọ lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí a fi ètè pè, bíi *b*, *f* àti *w*. *An* ni a ń kọ lẹ́yìn àwọn yòókù. Lẹ́yìn *m* àti *n*, a kì í kọ *n* mìíràn: *ọmọ*, *iná*. Etí nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní èyí, òfin ni.

Ibi tí ìró àti lẹ́tà ti pínyà ni ìṣòro wà, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí ìpele ti bẹ̀rẹ̀. Ìpele kìíní yóò jẹ́ èyí tí gbogbo lẹ́tà ti ń dún bí a ṣe kọ ọ́: *Bọ́lá ra bàtà pupa. Bàtà rẹ̀ dára pátápátá.* Ìpele kejì yóò fi fáwẹ́lì àránmúpè kún un: *Ìyá Bọ́lá wọn gàrí. Ọsàn kan já bọ́. Ọmọ kan sáré wá.* Ìpele kẹta yóò kan ààlà ọ̀rọ̀: *Bàbá Bọ́lá ń lọ sí Àpápá. Owó ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀.* Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, *owó ọjà* ń dún bí *owọ́ọjà* nítorí àrànmọ́. Ọmọ tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́ dáadáa. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni pé àkọtọ́ ń pa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́. Ohun tuntun kan ṣoṣo ni ìpele kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ mú wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kò ní sọ ibi tó ti wá.

Ọ̀nà tí a ń gbà fún ọmọ ní máàkì lè ba ètò yìí jẹ́. Kí a sọ pé ọmọ kan gbọ́ àyọkà ìpele kejì, ó sì kọ: *Iya Bola won gari. Oson kan ja bo. Omo kan sare wa.* Bí a bá ní kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé pẹ̀lú àmì ohùn, méjì péré ló gbà nínú méjìlá, *kan* àti *kan*. Bí a bá ya àmì ohùn sọ́tọ̀, ó gba méje. Márùn-ún tó kù ni kò fi àmì sábẹ́ lẹ́tà wọn. Ṣùgbọ́n ibi márùn-ún ni àyọkà náà ti dán òfin ìpele kejì wò: *wọn*, *ọsàn*, *ọmọ* àti *kan* lẹ́ẹ̀mejì. Nínú wọn, *oson* nìkan ló ṣì. Ọmọ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìpele kejì já. Ìpele kìíní ni kò tíì parí. Máàkì méjì nínú méjìlá kò lè sọ èyí fún olùkọ́.

Orísun àṣìṣe sì lè yàtọ̀ láti ọmọ dé ọmọ. Èdè Ìgbò ní *o* àti *ọ*, ṣùgbọ́n *e* kan ṣoṣo ni àkọtọ́ rẹ̀ ní, *sh* ló sì fi ń kọ ìró *ṣ*. Nítorí náà, bí ọmọ Ìgbò bá ń ṣi *ẹ* kọ léraléra tí kò sì ṣi *ọ*, etí rẹ̀ ló nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe pé kò fọkàn sí iṣẹ́. *Sh* nìyí náà ní ara pátákó tí a kọ *Oshodi* sí, tí ọmọ Yorùbá pàápàá ń kà lójoojúmọ́. Ẹnu olùkọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ń sọ *ṣ* di *s*, bí a ti ń gbọ́ ọ ní Ìbàdàn, kò lè fi *iṣẹ́* dá ọmọ lẹ́jọ́ bí òun fúnra rẹ̀ bá pe *isẹ́*.

Ààlà ètò yìí ni àmì ohùn. *Ọkọ*, *ọkọ́* àti *ọkọ̀* fi hàn pé a kò lè yọ ọ́ kúrò nínú àkọtọ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú gbogbo gbólóhùn, láti ìpele kìíní dé ìgbẹ̀yìn, nítorí náà kò ṣe é fi sí ìpele kan. Máàkì tirẹ̀ ni ó yẹ kí ó ní, ní ìlà ọ̀tọ̀, kí ó má baà bo ohun tí ọmọ ti mọ̀ mọ́lẹ̀.