Ìwé Ìtọ́nà Olójú Ewé Kan fún Rìfírẹ́ṣì Òwúrọ̀

Ní ọ́fíìsì àwọn kan tó ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní Ṣàngó, Ìlọrin, akáńtáǹtì wọn kọ ìwé ìtọ́nà olójú ewé kan fún ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Láràárọ̀, ọmọbìnrin náà á tẹ `Refresh All` lábẹ́ `Data` nínú `Excel`, kí ọjà tí wọ́n tà ní Ṣàngó, Ọ̀ffà àti Jẹ́bà lánàá lè wọlé. Ìlà kan péré ni ìyẹn gbà. Bí yóò ṣe mọ̀ pé ó wọlé lóòótọ́ ló gba ìyókù ìwé náà, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ọwọ́ ọ̀gá.

Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé bí rìfírẹ́ṣì bá kùnà, `Excel` kì í pa iye tó ti wà níbẹ̀ rẹ́. Iye àtijọ́ á jókòó síbẹ̀ gedegbe, ẹni tó bá sì wò ó á rò pé tòní ni. Nítorí náà ló ṣe ní kó ṣí `Queries & Connections`. Bó bá ka `Download did not complete` níbẹ̀, kó pe òun. Bó bá jẹ́ `1,250 rows loaded`, kó kọ 1,250 sínú ìwé, kó yọ iye ti àárọ̀ àná kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, 1,204 sì ni iye àárọ̀ àná. Ìlà 46 ló wọlé nìyẹn. Iye rìsíìtì àná táwọn ẹ̀ka fi fóònù sọ fún un, ìlà kan fún rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, ńkọ́? Ṣàngó 29, Jẹ́bà 17, Ọ̀ffà 31: 77 ni. Ohun tó kù sílẹ̀ jẹ́ 31 gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ déètì tó kẹ́yìn nínú gbogbo ìlà nìkan ló wò, ọjọ́ Ajé ni ìbá rí, torí Ṣàngó àti Jẹ́bà ti wọlé, ọkàn rẹ̀ ìbá sì balẹ̀. Akáńtáǹtì ti ronú kan ìyẹn. Ó ti kọ èyí sílẹ̀ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan:

```
=MAXIFS(Tita[Deeti],Tita[Eka],"Offa")
```

Kíkà ni tọmọbìnrin náà. Ti Ọ̀ffà fi déètì Àbámẹ́ta hàn, nítorí inú fódà míì ni wọ́n fi fáìlì wọn sí.

Ó tún ní kó tẹ `Refresh All` lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ewé àròpọ̀ lè ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ tán kí ìlà tuntun tó wọlé, yóò sì dúró sórí iye àná.

Èyí tó wù mí jù ni ìkìlọ̀ tó kẹ́yìn: kó má ṣe fọwọ́ tẹ 31 tó kù sínú tábìlì, nítorí rìfírẹ́ṣì tó ń bọ̀ á gbá a dànù. Kó kọ ọ́ sókè ìwé tí máníjà máa gbà pé: “Ti Ọ̀ffà kò sí nínú rẹ̀.”