Aago Kan Òru Nínú Lẹ́tà Ìwáṣẹ́

Gbólóhùn tó ṣíde lẹ́tà náà nìyí: "Ìyá mi ń gba àjọ lọ́jà Bódìjà, èmi ni mo kọ áàpù tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, áàpù náà sì ti ṣi owó oníbàárà kan ṣírò rí." Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọbìnrin kan fi kọ ọ́, èmi ni mo tú u. Ẹni tí yóò máa kọ kóòdù lábẹ́ ọ̀gá ni a ń wá, ipò tó kéré jù lọ níbi iṣẹ́ wa, èmi ni wọ́n sì ní kí n ka àwọn lẹ́tà tó wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ bákan náà: wọ́n ti fẹ́ràn kọ̀ǹpútà láti kékeré, wọ́n mọ HTML, wọ́n mọ CSS, wọ́n mọ JavaScript. Wọ́n to orúkọ wọ̀nyí jọ bí ẹni pa àtẹ ata, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á kò rí ohun kan tí wọ́n fi wọ́n sè.

Ọmọbìnrin yìí kò kọ́ kóòdù nílé ìwé. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ló fi kọ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ méjì péré ló ní láti fi hàn wá: áàpù àjọ yìí, àti ojú ìwé kan tó ṣe fún aránṣọ àdúgbò wọn. Ó fi ìlà kan sọ ti aránṣọ, ó sì fi ìdajì lẹ́tà rẹ̀ sọ ìtàn àṣìṣe kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó mọṣẹ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ bí àjọ ṣe ń lọ. Ẹni tó bá ń dá ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lójúmọ́, alájọ yóò máa sàmì sí káàdì rẹ̀. Tí oṣù bá parí, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, á sì kó ìyókù fún oníǹkan. Nínú oṣù Kẹrin, ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ 15,000 náírà. Tí wọ́n bá yọ 500, ó ku 14,500. Ṣùgbọ́n 14,000 ni áàpù sọ pé kí wọ́n san fún oníbàárà kan. Obìnrin náà gbé káàdì rẹ̀ jáde, àmì ọgbọ̀n sì pé síbẹ̀. Owó ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ti bọ́ sínú oṣù Karùn-ún.

Ìwádìí tó tẹ̀ lé e ló wù mí jù. Kò kọ pé òun "yanjú ìṣòro". Ó kọ ohun tí òun rí. Ìyá rẹ̀ a máa gba owó lọ́sàn-án, wọn a sì máa kọ ọ́ sínú fóònù lóru, tí ilé bá dákẹ́. Nígbà tó bi wọ́n léèrè, wọ́n ní: "Tí mo bá kọ ọ́ kí aago kan tó lù, kò sí wàhálà. Tó bá ti kọjá aago kan, ọjọ́ kejì ló máa ń kọ." Ọmọ náà wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó yẹ: ṣebí aago méjìlá òru ni ọjọ́ ń yí, kí ló dé tó fi jẹ́ aago kan?

Ó fi ìlà kóòdù tó fa á sínú lẹ́tà:

```
const ojo = new Date().toISOString().slice(0, 10);
```

Aago fóònù wa kọ́ ni `toISOString` ń kà. UTC ló ń kà, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Tí aago méjìlá òru bá lù n'Íbàdàn, mọ́kànlá alẹ́ àná ni lójú kóòdù yìí. Ó di aago kan òru wa kí ọjọ́ tó yí lójú tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìyá fi bá a mu rẹ́gí.

Ọ̀pọ̀ akọkóòdù ìbá dúró síbẹ̀. Wọn á fi aago Nàìjíríà rọ́pò UTC, wọn á sì ní ó ti tán. Òun rí i pé àtúnṣe yẹn yóò mú nǹkan burú sí i. Owó tí ìyá rẹ̀ ń kọ láàárín aago méjìlá sí aago kan, ọjọ́ tó yẹ ló ń bọ́ sí tẹ́lẹ̀, nítorí àṣìṣe kóòdù ló ń gbè é. Tó bá tún aago ṣe, àwọn náà yóò ṣí lọ sí ọjọ́ kejì. Ó wá kọ gbólóhùn tí mo fàlà sí lábẹ́: "Aago kọ́ ni mo ṣì. Mo rò pé ọjọ́ tí wọ́n kọ owó sílẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n gbà á." Nítorí náà, ó fi àyè sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ yan ọjọ́ fúnra wọn, aago Nàìjíríà kàn ń dá àbá ni. Ó wá jókòó ti àwọn káàdì, ó fi wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ àtijọ́ wò níkọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí ohun kankan nínú áàpù tó lè sọ ọjọ́ tí owó wọlé gan-an.

Mo ṣí lìǹkì GitHub tó fi síbẹ̀. Àtúnṣe náà wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ ṣáájú kí a tó kéde iṣẹ́, kóòdù rẹ̀ sì bá ìtàn mu. Ẹni tó bá ṣàdàkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn kì í ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ó sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Inú ẹ̀rọ aṣàwákiri fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà, nínú `localStorage`. Tí ẹnì kan bá nu ẹ̀rọ náà mọ́, ó ti lọ nìyẹn. Torí náà, ìyá rẹ̀ ò tíì jáwọ́ nínú káàdì. Ó ní òun kò tíì bá ẹnikẹ́ni kọ kóòdù pọ̀ rí. Ìlà méjì yìí wúlò fún mi ju ojú ìwé ìyìn lọ, torí ó jẹ́ kí n mọ ohun tí a máa kọ́ ọ lóṣù àkọ́kọ́.

Lẹ́tà náà ní àbùkù kan. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ pé òun mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́. Ìpínrọ̀ kan péré ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tó ti ní òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣe é rí. Ó jọ pé inú lẹ́tà ẹlòmíràn ló ti rí i. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn rẹ̀ ti yí padà.

A pè é. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín kò ju méjì lọ, tí ẹ sì fẹ́ kọ irú lẹ́tà yìí, ẹ má wá orúkọ púpọ̀ tò. Ẹ wá ibi tí iṣẹ́ yín ti ṣi ẹnì kan lọ́nà, kí ẹ kọ wákàtí tó ṣẹlẹ̀, ìlà tó fà á, àti bí ẹ ṣe mọ̀ pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pa gbólóhùn tó kẹ́yìn rẹ́ tó bá jẹ́ pé ẹ yá a ni.