Òun Ló Ni Kámẹ́rà

Ojú ìwé mẹ́rin péré ni ìtàn tí ọ̀rẹ́ mi kọ fún fídíò àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó tọkọtaya kan ní Ìbàdàn. Ó fa ìlà sí àárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: fọ́tò wà lápá òsì, ohun tí etí máa gbọ́ wà lápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún yìí ṣófo ní ọ̀pọ̀ ibi, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́.

Ìṣẹ́jú 6 ni fídíò náà. Ẹni tó bá ń kàwé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lè ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 700 láàárín àkókò yẹn. Èyí tó kọ kò tó 350. Àwọn ọmọ tọkọtaya náà kó fọ́tò jọ rẹpẹtẹ, 45 ni ọ̀rẹ́ mi mú níbẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọ̀kankan kúrò lójú kí ìṣẹ́jú àáyá 5 tó pé, torí àgbàlagbà tó wà nínú gbọ̀ngàn àríyá nílò àyè láti wá ojú ara rẹ̀ láàárín èrò.

Ẹ jẹ́ ká wo fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó, ọdún 1974. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá ní kí a wò wọ́n bí wọ́n ṣe rẹwà tó, ohun tí gbogbo ojú ti rí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ láti ibi bàtà ìyàwó. Ó ní kí àwòrán rọra máa fà sẹ́yìn, kí ohùn sì sọ pé: “Bàtà ẹ̀gbọ́n Màmá nìyẹn. Ó fún wọn lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.” Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá parí ni ojú ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín yóò hàn. Fọ́tò kò lè sọ pé bàtà ń fúnni, ohùn nìkan ló lè sọ ọ́. Ohun tí fọ́tò bá ti sọ, ohùn kì í tún un sọ.

Ó sì mọ ohun tí irú fífa àwòrán sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ń gbà. Tí fọ́tò bá fẹ̀ ní íńṣì 5, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ dà á kọ ní àmì 600 sí íńṣì kan, àmì 3000 ló máa ní níbùú. 1920 ni fídíò náà ń lò, nítorí náà a lè súnmọ́ ọn títí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ fi kún ojú fídíò. Tí a bá kọjá ibẹ̀, ó di bàìbàì. Bàtà kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà pé kí wọ́n dà á kọ ní 1200.

Ibi tó wú mi lórí jù ni ọdún 1979 sí 1982, tí kò sí fọ́tò kankan. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ Bàbá lọ sí Kàdúná. Ọ̀rẹ́ mi kò fi ojú fọ́tò ọdún mìíràn dí àlàfo náà. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́ kan hàn, níbi tí Màmá ti fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ orí ọmọ sí kó tó fi í ránṣẹ́ sí Bàbá. Ohùn ní: “Bàbá ló ni kámẹ́rà. Nígbà tí wọn ò sí nílé, kò sẹ́ni tó yà wá.” Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú àáyá 8, gìtá nìkan. Fọ́tò tó tẹ̀ lé e ni aláwọ̀ àkọ́kọ́, Bàbá ti dé. Fọ́tò náà ti pọ́n díẹ̀, bí fọ́tò aláwọ̀ ìgbà yẹn ṣe máa ń ṣe nítorí pé àwọ̀ aró inú rẹ̀ ló ń tètè ṣá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí wọ́n dín pupa náà kù, kí wọ́n má bọ́ ọ tán.

Àwọn ọmọ fẹ́ dùndún láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gbà, mo sì gbè é. Dùndún ń sọ̀rọ̀. Tí a bá fi í sábẹ́ ohùn ẹni tó ń kàwé, ẹnu méjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó gbọ́ ìlù kò sì ní gbọ́ èkejì. Gìtá tí kò ní orin lẹ́nu ló gbé fídíò náà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ọn nígbà tí Bàbá dé. Ní ìṣẹ́jú 4 àtààbọ̀, ẹni tó ń kàwé dákẹ́ pátápátá. Ohùn Bàbá fúnra wọn, tí ọmọ kan fi fóònù gbà sílẹ̀, pe oríkì ìyàwó wọn lẹ́ẹ̀kan. Dùndún dá a lóhùn, ó pè é tẹ̀ lé wọn, kò sì sí ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́ títí fídíò fi parí. “Ẹ kú oríire” tí àwọn ọmọ ní dandan kí wọ́n kọ sójú fídíò, ó sún un sẹ́yìn ìlù.

Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹrin fún àwọn tó ń se oúnjẹ: láti ìgbà tí gìtá bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má pín ohunkóhun.