Bíbọ́ Ni Iṣẹ́ Wà

Nínú gbogbo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ohun tó wù mí wò jù ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa bọ́ aṣọ ààbò nígbà tó bá kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn ibà Lásà. Wíwọ̀ kò le. Gáùn ló ṣáájú, ìbòmú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gíláàsì ìbòjú. Ìbọ̀wọ́ ló kẹ́yìn, kí ẹnu rẹ̀ lè bo etí apá gáùn, kí awọ ara má bàa hàn láàárín méjèèjì.

Ìṣọ́ra kan wà tó ṣáájú gbogbo èyí, tí kì í yan aláìsàn. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Lásà ti máa ń pọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ara gbígbóná àti orí fífọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ojú tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ibà ẹ̀fọn. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí mo bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo ti fọ ọwọ́, mo ti wọ ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ yóò sì lọ tààrà sínú àpótí rẹ̀ láì dé e padà. Bí a bá wá fura sí Lásà, ìṣọ́ra tó bá ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà ràn mu yóò kún un: yàrá ọ̀tọ̀, àti gáùn tí omi kì í wọ̀, nítorí inú omi ara ni àrùn yìí wà.

Ká ní aláìsàn bì sí nọ́ọ̀sì lára. Ìbọ̀wọ́ ló dọ̀tí jù, òun ni yóò kọ́kọ́ kúrò. Yóò fi ọwọ́ kan di ìbọ̀wọ́ kejì mú lóde, nítòsí ọrùn ọwọ́, yóò bó o sódì, yóò sì ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ìka tí kò wọ nǹkan mọ́ yóò wá gba abẹ́ ìbọ̀wọ́ tó kù, yóò bó o sódì bo ti àkọ́kọ́. Ó fọ ọwọ́. Ó di okùn ẹ̀yìn orí mú, ó yọ gíláàsì ìbòjú kúrò. Ó tú okùn gáùn, ó fà á láti èjìká, inú nìkan ló ń fọwọ́ kàn, ó sì ká a tí ìdọ̀tí fi wà nínú. Ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibí yìí ni ojú máa ń yún èèyàn, tí ọwọ́ á fẹ́ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kó máa ka ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè: “Sístà, ẹ sọ ọwọ́ yín sílẹ̀. Okùn ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú.” Ìbòmú ló ń kẹ́yìn, torí ẹnu àti imú ló ń dáàbò bò, okùn ìsàlẹ̀ ṣáájú ti òkè, a kì í kan iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ fífọ̀ títí dé ọrùn ọwọ́.

Bó bá jẹ́ yàrá oníkọ́ ife ni, a kì í bọ́ ìbòmú N95 níbẹ̀ rárá. Ó di ìgbà tí a bá jáde, tí a ti ti ilẹ̀kùn, nítorí inú afẹ́fẹ́ yàrá yẹn gan-an ni àrùn wà.