Àwọn Tó Ń Fún Géèmù Pọ̀

Mo gba ti àwọn tó ń ṣe géèmù tí kì í jẹ dátà. Ibi orin ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń fọwọ́ ọgbọ́n hàn. Orin ìṣẹ́jú kan tí a kò tíì fún pọ̀, tó ní ọ̀nà ohùn méjì, máa ń tó mẹ́gábáìtì 10. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ọ̀nà kan, ó di 5. Fóònù onísípíkà kan kò sì ní jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀. Bí wọ́n bá tún sọ ọ́ di fáìlì `.ogg` oníkílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní tó ìdajì mẹ́gábáìtì mọ́.

Mímọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró ló wù mí jù. Bí wọ́n bá fún un jù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tú àṣírí: á máa dún bí omi tó ń ṣàn.

Kì í ṣe orin nìkan ni wọ́n ń fọgbọ́n ṣe. Inú fóònù ni wọ́n ń kọ máàkì géèmù sí ná, títí dátà yóò fi dé. Bí máàkì fóònù àti ti sáfà bá yàtọ̀, èyí tó ga jù ni wọ́n ń mú, kì í ṣe èyí tó dé kẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí èèyàn jẹ láìsí dátà kò ní ṣòfò.